Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́fà, Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ló Dá?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé òkú ọmọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí mi ò bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé àríyànjiyàn inú kíláàsì lásán ni mo fẹ́ kó wá bá yín, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kọ́.

Àbúrò màmá mi ló bímọ ní Ìràwọ̀. Ẹni tí kò bá mọ Ìràwọ̀, Òkè-Ògùn ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo. Lẹ́tà "i" tó wà nínú orúkọ yẹn, ìlú wa ló ni ín. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọmọ náà ń mu ọmú, ó ń ké bí ọmọ ṣe ń ké, kò sí ohun tó ṣe é títí di alẹ́ ọjọ́ karùn-ún tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà tó mọ́, ó ti lọ. Ó ku ọjọ́ méjì ká sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ti ra oyin, wọ́n ti ra ṣúgà, orógbó àti obì ti wà nínú abọ́.

Ìjọ tí ọkọ àǹtí mi ń lọ máa ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, torí kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wá. Ó jókòó, ó kí wa kú ará fẹ́ra kù, ó gbàdúrà fún ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kó wá gbàdúrà níbi tí a fẹ́ sin ọmọ sí, ó mi orí. Ó ní ọmọ náà ò tíì gba àmì, ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òun ò lè ka ìwé ìsìnkú lé e lórí. Kò pariwo sọ ọ́ o. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dun òun fúnra rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì nínú agbo ilé gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì parí ẹ̀ kíá.

Ohun tó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà yẹn ni pé nílẹ̀ Yorùbá náà, a kì í ṣe òkú ọmọ tuntun. Ọ̀fọ̀ là ń pè é. A ó sin ín, a ó bá ìyá rẹ̀ sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, ó parí. Nítorí náà, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí àgbà ìjọ yẹn ṣe ò yàtọ̀ sí àṣà. Àǹtí mi nìkan ló mọ̀ pé ó yàtọ̀. Àṣà ní ká má sunkún púpọ̀ kí òmíràn lè wá. Ti àgbà ìjọ ní ọmọ náà jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí mo délé fún họlidé, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní: "Ìwọ tí ò ń kàwé ẹ̀sìn ní yunifásítì, sọ fún mi, ọmọ mi. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n lọ wò ó wá, Àǹtí." Ojú tì mí, torí odindi ọdún kan ni mo ti fi ń kọ "ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí" sínú nóòtì láì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ti gbogbo ilé. Mùsùlùmí ni bàbá àgbà mi, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé l'Ókè-Ògùn, tí ẹ̀sìn méjì ń jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n ní nínú ẹ̀sìn tiwọn, àdámọ́ mímọ́ ni wọ́n ń bí gbogbo ọmọ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n wá fi òwe dé e: ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Màmá àgbà, tí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ò jẹ́ kó tutù. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò parí òwe. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru ńkọ́?"

Mo padà sí kámpọ́ọ̀sì pẹ̀lú òwe méjì yìí lórí. Gbogbo ìwé tí mo kà lẹ́yìn náà, àárín òwe méjèèjì ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹni tó fi ẹ̀bi lé ìkókó lọ́rùn jù lọ nínú ìtàn ìjọ Kristi, ọmọ Áfíríkà ni. Ògọ́sítínì lorúkọ rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Hípò, ìlú kan ní etí òkun orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Àljíríà lónìí. Ọdún 354 ni wọ́n bí i, ó kú lọ́dún 430. Ó ya mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé wọn ò ṣàmì fún òun gan-an lọ́mọdé. Nígbà kan tí àìsàn fẹ́ pa á ní kékeré, ìyá rẹ̀ ti ń palẹ̀ ìrìbọmi mọ́, ara rẹ̀ yá lójijì, wọ́n sì sún un síwájú. Ọdún 387 ló tó gbà á, ó ti lé ní ọmọ 30 ọdún. Ká ní ó kú nígbà àìsàn yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó padà dájọ́ fún ni òun náà ì bá wà.

Ẹ má rò pé òǹrorò ni o. Ohun tó gbé e débẹ̀ le láti fèsì. Ó ní gbogbo ìjọ ló ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi, ìrìbọmi sì wà fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìkókó ò bá lẹ́ṣẹ̀, kí wá ni wọ́n ń dárí rẹ̀ jì í? Kò tíì purọ́, kò tíì jalè. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ní láti jẹ́ èyí tó bá wáyé, ti Ádámù. Ẹ wo bó ṣe ṣe é: kò ti inú ẹ̀kọ́ wá sínú àṣà ìjọ, inú àṣà ìjọ ló ti fa ẹ̀kọ́ jáde. Ó tún fi ìrora ọmọdé kún un. Ìkókó ń ṣàìsàn, ìkókó ń kú. Olódodo sì ni Ọlọ́run. Bí ọmọ náà ò bá jẹ̀bi ohunkóhun, báwo ni Olódodo ṣe jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́? Kódà, ó ní òun ti rí ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ tó ń fi owú wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọmú. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ìbejì rí mọ̀ pé kò parọ́.

Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Bìrìtéènì, Pẹlájíọ́sì, ló dúró sí òdìkejì. Ó ní bí Ádámù ṣe wà kó tó ṣẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí ọmọ, àpẹẹrẹ burúkú ni Ádámù fi sílẹ̀, àwa la ń wò ó kọ. Lọ́dún 418, nǹkan bí 200 bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ ní Kátéèjì, ìlú tó wà ní Tùnísíà báyìí, wọ́n dẹ́bi fún ẹ̀kọ́ Pẹlájíọ́sì. Ògọ́sítínì borí. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọmọ tó bá kú láì ṣàmì wà lábẹ́ ìdálẹ́bi, àmọ́ ó ní ìyà tirẹ̀ ni yóò fúyẹ́ jù nínú gbogbo ìyà. Bí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé. Èmi tí mo ní kí n lọ wò ó wá, ṣé ìyẹn ni n ó gbé lọ sí Ìràwọ̀? Pé ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí, ìyà tó fúyẹ́ ni?

Ibi tí ilé náà ti ṣẹ́ mọ́ Ògọ́sítínì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Ẹsẹ tó gbára lé jù ni Róòmù orí 5 ẹsẹ 12. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní ẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wọ ayé, ikú sì tẹ̀ lé e, ikú wá kan gbogbo èèyàn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ẹsẹ náà ni wàhálà. Èdè Gíríkì ni Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ Gíríkì dunjú lónìí ló sì gbà pé ohun tó sọ ni pé ikú kan gbogbo wa nítorí pé gbogbo wa ti dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Gíríkì ò já gaara lẹ́nu Ògọ́sítínì. Bíbélì Látìnì ló ń kà, ìtumọ̀ Látìnì náà sì ṣeé kà sí "nínú ẹni tí gbogbo èèyàn ti dẹ́ṣẹ̀." Ta ni "ẹni" yẹn? Ádámù. Nígbà tí Ádámù na ọwọ́ sí èso, gbogbo wa ti wà nínú rẹ̀, gbogbo wa la jọ na ọwọ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni "nítorí pé," ọ̀tọ̀ ni "nínú ẹni tí." Nínú ti àkọ́kọ́, oníkálukú ló ń dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Nínú ti ìkejì, ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ti jalè nínú ọgbà Ídẹ́nì kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀. Àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn tí Gíríkì jẹ́ èdè wọn kò fìgbà kan gbé ẹ̀bi Ádámù lé ọmọ wọn lórí báyìí. Wọ́n ní ikú àti àìlera la jogún, kì í ṣe ẹ̀bi. Síbẹ̀ àwọn náà ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi, èyí tó fi hàn pé àṣà yẹn lè dúró láìsí ìdí tí Ògọ́sítínì fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá ilé yín sí ẹsẹ yìí, kí ẹ wo èwo nínú méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ìwé Róòmù kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ó wà lára àwọn ìwé Bíbélì tó kọ́kọ́ jáde ní Yorùbá, ọdún 1850 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹni tó sì túmọ̀ rẹ̀, ará Òkè-Ògùn ni: Àjàyí Crowther, ọmọ Òsogùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ọdún 1821 ni ogun kó Òsogùn, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, nígbà kan wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ọmọdé tí kò mọ ìdí ogun ni. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ní kékeré yóò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ìyà jẹ ọmọ àti kí ọmọ jẹ̀bi, láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan kọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé, torí ibẹ̀ ni òwe méjì ilé wa ti pàdé. Ẹ jẹ́ n fi ìwọ̀fà ṣe é. Láyé àwọn baba wa, bí bàbá kan bá yáwó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tó yá a. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé, kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan kù nínú ojú owó. Ó lè ṣe é fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ojú owó pé ló tó bọ́. Ọmọ yìí ń jìyà gbèsè tí kò jẹ. Ọrùn rẹ̀ ló wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ro ó. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú pé ta ló jẹ gbèsè, wọn ò ní pe orúkọ ọmọ. Wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ni. Olówó gan-an ò ní pe ọmọ yẹn ní ajìgbèsè. Àwọn baba wa gbà pé àjọjẹ ìyà wà, wọn ò gbà pé àjọjẹ̀bi wà. Hẹ̀rẹ̀huru yóò dé etí gbogbo ilé, ìka tó ṣẹ̀ nìkan sì ni ọba yóò gé.

Ohun tí mo rò pé Ògọ́sítínì ṣe nìyẹn: ó rí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìwọ̀fà, ó ní ọmọ náà ló yáwó. Ó rí ikú lára ìkókó, ó kà á sí ẹ̀rí ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìyà kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀bi. Ẹ̀bi ní láti ní ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì ṣe é. Bíbélì gan-an mọ èyí. Nínú Ìsíkíẹ́lì orí 18, àwọn èèyàn ń pa òwe kan pé àwọn baba jẹ èso kíkan, eyín àwọn ọmọ ló kan. Ọlọ́run ní kí wọ́n yé pa á mọ́, pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni yóò kú, ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi gẹ́lẹ́, wọn ò sì ka Ìsíkíẹ́lì rí.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí èsì fún fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní bí ìkókó ò bá jẹ̀bi, Jésù ò wúlò fún un nìyẹn. Kí ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, Ògọ́sítínì náà ti fi dè àwọn ọ̀tá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kànga ilé wa ló padà fún mi lésì. Lọ́jọ́ tí ọmọdé bá já sí kànga ní Ìràwọ̀, gbogbo àdúgbò á gbé okùn. Kò sẹ́ni tó ń dúró lẹ́nu kànga béèrè pé ṣé ọmọ yìí jẹ̀bi. Ìdáríjì kọ́ là ń sọ sílẹ̀ fún un, okùn ni. Bí ikú bá jẹ́ kànga tí Ádámù gbẹ́, ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀ nílò ẹni tí yóò fà á jáde, bí kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Èmi tí mo ti dàgbà nílò méjèèjì, okùn àti ìdáríjì, torí mo ti fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ kún kànga náà.

Àwọn ìjọ fúnra wọn ti ń rìn kúrò níbi tí Ògọ́sítínì fi wọ́n sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ ìgbín ni. Kátólíìkì ló lọ jìnnà jù nínú ìwé. Láyé àtijọ́, àwọn olùkọ́ wọn rí i pé iná ọ̀run àpáàdì pọ̀ jù fún ìkókó, wọ́n bá sọ nípa ibì kan tí wọ́n ń pè ní Límbò: kò sí iná níbẹ̀, inú ọmọ dùn níwọ̀nba, àmọ́ kò ní rí ojú Ọlọ́run láéláé. Límbò ò fìgbà kan di òfin ìgbàgbọ́ tí ìjọ fi dandan lé. Kátíkísìmù wọn ti ọdún 1992 ní ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí kì í ṣe ẹ̀bi tí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ Ádámù fúnra rẹ̀ dá, ó sì fi ọmọ tó kú láì ṣàmì lé àánú Ọlọ́run lọ́wọ́. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn tí Vátíkánì yàn gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ìdí tó nípọn wà láti ní ìrètí pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ìgbàlà. Ẹ kíyè sí i, ìrètí ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ó dájú.

Ní ti Áńgílíkà, ìwé àdúrà wọn ti 1662 ní ó dájú pé ọmọ tó gba àmì tó sì kú kó tó dẹ́ṣẹ̀ kankan ti rí ìgbàlà. Inú ìwé kan náà ni ìlànà kan wà níwájú ìsìn ìsìnkú, pé kí wọ́n má ṣe lò ó fún ẹni tó kú láì ṣàmì. Mo rò pé irú ìlànà báyìí ló ń rìn kiri lórí àwọn àgbà ìjọ, kódà nínú ìjọ tí kò lo ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí a ó ka ìsìn lé lórí ni ìlànà náà ń sọ, kò sọ ibi tí ọmọ lọ. Àgbà ìjọ tó wá sílé wa so méjèèjì pọ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa l'Ókè-Ògùn, ti yọ ara wọn nínú wàhálà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi. Ẹni tó ti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ká ní àǹtí mi fẹ́ Onítẹ̀bọmi ni, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè àmì.

Ohun kan tó bí mi nínú ni pé àwọn ìjọ tó gbà pé àmì ṣe kókó tó báyìí ló tún yẹ kó sọ fún ìyá ọmọ pé ó ní ohun tó lè ṣe. Nínú ìlànà Kátólíìkì, bí ẹ̀mí ọmọ bá fẹ́ bọ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, agbẹ̀bí, ìyá àgbà, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gba àmì pàápàá, bó bá ṣáà ti fẹ́ ṣe ohun tí ìjọ ń ṣe. Yóò da omi sí ọmọ lórí, yóò sọ pé òun ń rì í bọmi ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Omi wà nínú ìkòkò nílé wa lóru ọjọ́ karùn-ún yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí. Ẹni tí kò kọ́ni ní ọ̀nà àbáyọ, tó wá dúró lẹ́nu sàárè máa dájọ́, ẹ̀bi tirẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ti ìkókó.

Nígbà tí mo tún délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àǹtí mi, láìsí Látìnì láìsí Gíríkì. Mo sọ ti ìwọ̀fà, mo sọ ti kànga. Mo ní, "Àǹtí, kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan." Wọ́n ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó gbẹ sínú agbọ̀n, wọn ò dá ọwọ́ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Èmi náà mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni mí." Wọ́n wá gbójú sókè. "Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí o bá mi wò nínú ìwé ni pé, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Kí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì dárúkọ náà fún mi.